Ta Ni Ọmọ Ń Sá Tọ̀ Bí Ẹ̀rù Bá Bà Á? Ìtàn Ìmọ̀ Ìrọ̀mọ́ni láti Kampala dé Kabawa, àti Ohun tí Ó Sọ nípa Ìfẹ́ àti Ìjà Láàárín Tọkọtaya

Ìfáàrà

Ìbéèrè kan ni ó bí ìwé yìí. Lẹ́yìn kíláàsì kan lórí ìdàgbàsókè ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Òwòrò ni. Ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Kabawa, ní Lọ́kọ́ja. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ohun tí ẹ kọ́ wa lónìí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló tọ́ ọ. Ìyá àgbà rẹ̀ ló gbà á tọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Bí èdèkòyédè bá wà láàárín wa, kì í fọhùn, etí odò ló máa ń gbà lọ. Ṣé kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́ láti kékeré?"

Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ọ̀rọ̀ náà kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò yí padà, n kò sì lè dáhùn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo délé tí mo tún ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi yẹ̀ wò, mo rí i pé èmi gan-an ni mo dá ẹ̀rù náà sílẹ̀. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún pípẹ́ ni pé ọmọ tí kò bá wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní mọ bí a ti ń fẹ́ràn ẹni nígbà tí ó bá dàgbà. Ọ̀rọ̀ náà ní orísun, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ibi tí ìmọ̀ náà dé ní 1951 ni mo dúró sí, nígbà tí ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti rìn jìnnà, tí ó tilẹ̀ ti gba ilẹ̀ Áfíríkà kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Ìrìn yẹn ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi.

Lọ́ńdọ̀n, 1951

Ọ̀gbẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá ni John Bowlby, oníṣègùn ọpọlọ ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní 1907. Ilé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n ti bí i, ilé tí ọmọ kì í ti í rí ìyá rẹ̀ ju ìgbà díẹ̀ lọ lójúmọ́. Ọmọ-ọ̀dọ̀ kan ni ó tọ́ ọ. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ-ọ̀dọ̀ náà fi ilé wọn sílẹ̀. Bowlby dàgbà tán kò gbàgbé. Ó ní ọgbẹ́ rẹ̀ dà bí ìgbà tí ìyá ẹni bá kú.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó ṣe ìwádìí nípa àwọn ọmọ tí ogun ti sọ di aláìnílé. Ìwé tí ó kọ jáde ní 1951. Ohun tí ó sọ nínú rẹ̀ ni pé ọmọ ọwọ́ nílò ìbáṣepọ̀ tí ó ní ìfẹ́, tí kò sì ń dá dúró, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tàbí ẹni tí ó dúró ní ipò ìyá fún un títí, àti pé bí kò bá rí i, ìpalára rẹ̀ lè pẹ́ lára rẹ̀. Ẹ kíyè sí gbólóhùn náà "tàbí ẹni tí ó dúró ní ipò ìyá". Bowlby kọ ọ́. Àwa tí a ń kà á ni a ń fò ó, bóyá nítorí pé "ìyá" nìkan rọrùn láti kọ sójú pátákó.

Èrò rẹ̀ nípa ohun tí ó ń mú ọmọ rọ̀ mọ́ ènìyàn ni mo ń pè ní ìrọ̀mọ́ni nínú ìwé yìí. Kì í ṣe oúnjẹ ni ó so ọmọ mọ́ ẹni tí ó ń tọ́ ọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ ti rò. Ẹ̀rù ni. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ọmọ, tàbí tí ara rẹ̀ kò yá, tàbí tí ó rí àlejò, ẹnìkan wà tí ó ń sá tọ̀. Bí ẹ̀rù náà bá lọ, ẹni yẹn kan náà ni ó di ibi ìfẹ̀yìntì fún un, tí ó fi lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ máa ṣeré. Láti inú bí ẹni náà ṣe ń dá a lóhùn lójoojúmọ́ ni ọmọ ti ń kọ́ ohun méjì: bóyá ènìyàn ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, àti bóyá òun fúnra òun tó ẹni tí a ń gbà mọ́ra.

Kampala, 1954

Bowlby kò ì tíì rí èyí pẹ̀lú ojú nínú ilé àwọn ènìyàn tí kò sí wàhálà kan ní ilé wọn. Mary Ainsworth ni ó kọ́kọ́ rí i, ilẹ̀ Uganda ni ó sì ti rí i. Ó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ríṣẹ́ sí Kampala ní 1954, òun náà bá a lọ. Ó fẹ́ lo ànfààní náà láti ṣe ìwádìí lórí àṣà kan tí ó ti gbọ́ nípa àwọn Ganda: bí wọ́n bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ kí ó lè gbàgbé ọmú. Ẹ wò ó pé àṣà tí ó ń ba akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́rù gan-an ni Ainsworth rìnrìn àjò lọ wò.

Nígbà tí ó débẹ̀, ó bá a pé ọ̀pọ̀ ìdílé kò ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ́. Dípò kí ó padà sílé, ó yí ìbéèrè rẹ̀ padà. Ó ń lọ sí ilé ìyá 26 tí wọ́n ní ọmọ 28 láàárín wọn, ní àwọn abúlé tó wà lẹ́bàá Kampala. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ó ń bẹ̀ wọ́n wò, fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, òun àti ògbufọ̀ rẹ̀. Wákàtí méjì ni ó máa ń lò nínú pálọ̀, á máa bá ìyá sọ̀rọ̀, á sì máa wo ọmọ.

Nínú ọmọ 28 náà, ó ka 16 sí ẹni tí ó rọ̀ mọ́ ìyá pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, 7 sí ẹni tí ó rọ̀ mọ́ ọn ṣùgbọ́n tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, tí ń sunkún kódà ní apá ìyá, àti 5 tí kò tíì fi hàn pé òun rọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ó wá béèrè ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà. Ohun kan tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí ìyá ti mọ ọmọ rẹ̀ tó. Àwọn ìyá tí ó lè jókòó kí wọ́n sọ fún un láìsí ìnira ohun tí ọmọ ń fẹ́ bí ó bá sunkún báyìí, ohun tí ó ń pa á lẹ́rìn-ín, ìgbà tí ó ń jí, àwọn ni ọkàn ọmọ wọn balẹ̀ jù. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1967.

Èmi kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Áfíríkà ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí. Nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ mi, ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni Ainsworth ti tún ṣe iṣẹ́ kan náà fún ìdílé 26 mìíràn, tí ó sì ṣe ìdánwò kékeré kan tí kò ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ: ìyá àti ọmọ á wọ yàrá kan, àlejò á wọlé, ìyá á jáde, ìyá á padà. Ìpadàbọ̀ ìyá ni wọ́n ń wò jù, kì í ṣe ẹkún ìgbà tí ó jáde. Ọmọ onífọ̀kànbalẹ̀ á sá tọ̀ ọ́, á dákẹ́, á sì padà sídìí eré. Ọmọ ayẹra á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni pé kò rí i, bẹ́ẹ̀ àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ọmọ oníjàyà á fẹ́ kí wọ́n gbé òun, bí wọ́n bá gbé e tán á tún máa jà. Orúkọ mẹ́ta wọ̀nyí ni a óò máa bá lọ dé ìdí ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Ilẹ̀ Haúsá, 1977

Ìgbà kejì tí ìmọ̀ náà gba Áfíríkà kọjá, orílẹ̀-èdè wa ni. Robert Marvin, Robert LeVine àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn wo ọmọ Haúsá 18 ní àríwá Nàìjíríà. Ní 1977 ni àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Kí n tó sọ ohun tí wọ́n rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ó fi kan Kabawa.

Kabawa wà lára àwọn àdúgbò àtijọ́ Lọ́kọ́ja, ní ìsàlẹ̀, lẹ́bàá Odò Ọya. Orúkọ tí Haúsá fi ń pe àwọn ará ilẹ̀ Kebbi ni orúkọ àdúgbò náà. Lónìí, Haúsá, Núpé, Ìgbìrà, Ígálà àti àwa ará Okun àti Òwòrò jọ ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn agbo ilé ńlá ṣì wà níbẹ̀ tí ìyàwó, ìyàwó àbúrò ọkọ, ìyá ọkọ àti àwọn ọmọ-ọmọ ń lo àgbàlá kan náà. Ọmọ ọwọ́ kì í fọwọ́ kan ilẹ̀ níbẹ̀. Apá kan ni ó ń gbé e fún apá kejì.

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn Marvin rí ni pé ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà ni ó rọ̀ mọ́ ju ènìyàn kan lọ. Bí a bá pín in dọ́gba, mẹ́ta sí mẹ́rin ni ó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan, bàbá sì wà lára wọn. Yorùbá ní ẹnìkan ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n igba ojú lè wò ó, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ọmọ ń sá tọ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin yẹn náà, ẹnìkan ló sábà máa ń ṣíwájú. Ẹni náà kò di dandan kí ó jẹ́ ìyá tí ó bí i. Ẹni tí ó ń gbé e jù, tí ó sì ń bá a ṣeré jù, ni.

Ohun kejì ni ó dùn mọ́ mi jù. Àwọn ọmọ náà kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà lọ jìnnà. Ẹni tí ó bá fi ojú Baltimore wò wọ́n á ní oníjàyà ni gbogbo wọn. Àwọn olùwádìí náà kò yára sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wo àgbàlá. Iná wà nílẹ̀, ọ̀bẹ àti ọkọ́ wà nílẹ̀, ẹran ń rìn kiri. Ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ rákòrò lọ síbẹ̀? Ojú àti ọwọ́ ni ọmọ fi ń wádìí ayé rẹ̀, níbi tí ó jókòó sí, bí ẹni tí ó fẹ̀yìn tì bá wà nítòsí. Bí ẹni náà bá dìde, ìwádìí á dúró. Ìfọ̀kànbalẹ̀ kan náà ni, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni.

Kunya: ohun tí ojú lè ṣì wò

Ibi tí ó ṣòro jù nìyí, òun ni mo sì fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Láàárín Haúsá, ìtìjú tí wọ́n ń pè ní kunya wà láàárín ìyá àti àkọ́bí rẹ̀. Ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí. Kì í gbé e jó níwájú àwọn àna rẹ̀, kì í sì í yìn ín. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí ọmọ náà bá ti já lẹ́nu ọmú, ìyá àgbà ni yóò gbà á. Àwa Yorùbá tí a ń ki ọmọ ní oríkì láti àárọ̀ dé alẹ́ lè rí èyí kí a sì sọ pé ìyá yẹn kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ rí, ní yàrá olùkọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta kò ó.

Àmọ́ ìyá kan náà ń fún un lọ́mú nígbàkúgbà tí ó bá sunkún, ó ń pọ̀n ọ́n, ó sì ń bá a sùn lóru. Ohun tí kunya fi pa mọ́ ni ìfihàn ìfẹ́ ní gbangba. Kò ní kí a má dá ọmọ lóhùn nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Nǹkan méjì tí ó yàtọ̀ síra ni, ìmọ̀ ìrọ̀mọ́ni sì dá lórí èkejì.

Ìyàtọ̀ yìí kan tọkọtaya pẹ̀lú. Ní Kabawa, ọkọ tí kì í di ọwọ́ aya rẹ̀ mú lójú títì, tàbí aya tí kì í pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kò tíì fi ohunkóhun hàn wá nípa bí wọ́n ti sún mọ́ra wọn tó. Ìkóra-ẹni-níjàánu lè jẹ́ àṣà. Ó sì lè jẹ́ ìyẹra. Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí ó jẹ́? Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn Marvin ni ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ní Amẹ́ríkà.

Láti ọwọ́ ìyá dé ọwọ́ olólùfẹ́, 1987 sí 1992

Cindy Hazan àti Phillip Shaver ní Yunifásítì Denver ni ó béèrè bóyá ohun tí ó wà láàárín olólùfẹ́ méjì jẹ́ irú ìrọ̀mọ́ni kan náà. Wọ́n kọ ìpínrọ̀ kúkurú mẹ́ta sínú ìwé ìròyìn ìlú kan, wọ́n sì ní kí àwọn òǹkàwé yan èyí tí ó bá wọn mu. Èkíní ń sọ nípa ẹni tí ó rọrùn fún láti sún mọ́ ẹlòmíràn àti láti gbẹ́kẹ̀ lé e. Èkejì, ẹni tí ara rẹ̀ ń kọ́ bí ẹlòmíràn bá sún mọ́ ọn jù. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ń bẹ̀rù nígbà gbogbo pé olólùfẹ́ òun kò fẹ́ràn òun tó. Wọ́n gbé ìdáhùn 620 yẹ̀ wò. Nínú ọgọ́rùn-ún, 56 yan èkíní, 25 yan èkejì, 19 yan ẹ̀kẹta. Ó sún mọ́ bí àwọn ọmọ ọwọ́ ti pín ní Amẹ́ríkà. Ìwé wọn jáde ní 1987, ó sì tàn kálẹ̀ bí iná ọyẹ́.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ràn àti máa dáhùn ìbéèrè nípa ìfẹ́ nínú ìwé ìròyìn ni ó dáhùn. Wọ́n sì ń rántí ìgbà èwe wọn ni. Kò sí ẹni tí ó wò wọ́n nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn lónìí lè rántí ìyá rẹ̀ sí búburú.

Iṣẹ́ tí ó wúlò fún wa jù ni èyí tí Jeffry Simpson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí ó jáde ní 1992. Wọ́n pe olólùfẹ́ méjì-méjì, ẹgbẹ́ 83. Wọ́n sọ fún obìnrin pé ohun kan tí ó máa ń dẹ́rù ba ènìyàn ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un láìpẹ́, wọ́n fi irinṣẹ́ kan hàn án nínú yàrá òkùnkùn, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí àwọn méjèèjì jókòó dúró ná. Kámẹ́rà ń yà wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rù obìnrin kò tíì pọ̀, kò rọrùn láti fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ayẹra tilẹ̀ lè máa rojọ́ dáadáa. Bí ẹ̀rù bá ti ń pọ̀ sí i ni ìyàtọ̀ ń jáde. Obìnrin onífọ̀kànbalẹ̀ ń sún mọ́ olólùfẹ́ rẹ̀ sí i bí ẹ̀rù ti ń pọ̀. Obìnrin ayẹra ń jìnnà sí i bí ẹ̀rù ti ń pọ̀. Bákan náà ni àwọn ọkùnrin: bí ẹ̀rù obìnrin ti ń pọ̀ ni onífọ̀kànbalẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́ sí i, tí ayẹra sì ń dín ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kù.

Ohun tí a lè fi ya àṣà sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹra nìyẹn. Kì í ṣe ọjọ́ dídùn la fi ń wò ó. Kabawa mọ ọjọ́ ẹ̀rù. Ní 2012 àti ní 2022, Odò Ọya kún wọ inú ilé wọn, ọ̀pọ̀ ìdílé sì sá lọ sí ibi tí ìjọba kó wọn sí tàbí ọ̀dọ̀ ará. Ọkọ tí kì í fọwọ́ kan aya rẹ̀ lójú ènìyàn, tí ó wá gbé e kọjá omi tí ó sì jókòó tì í di àárọ̀, kunya ni tirẹ̀. Èyí tí ó kó ẹrù tirẹ̀ tí kò sì béèrè bí ara rẹ̀ ti rí títí omi fi fà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni tirẹ̀.

Ìjà, àti ohun tí ó tẹ̀ lé ìjà

Ní ti ìjà, ayẹra àti oníjàyà ni ó sábà máa ń dá ara wọn lágara jù. Oníjàyà ka ìdákẹ́jẹ́ sí ìkọ̀sílẹ̀, nítorí náà á pariwo sí i, á tẹ̀ lé ẹni náà láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, á pe fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ayẹra ka ariwo sí ewu, á sì túbọ̀ dákẹ́. Bí èyí ti ń dákẹ́ ni tọ̀hún ń pariwo, bí tọ̀hún ti ń pariwo ni èyí ń dákẹ́. Owó oúnjẹ ni wọ́n rò pé àwọn ń jà lé lórí. Ohun tí ìjà náà dá lé lórí ní ti gidi ni ìbéèrè ọmọ ọwọ́: bí mo bá ké, ṣé wàá wá?

Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni pé láti ọmọ ọwọ́ ni ó ti wá? Ìrántí nìkan kò tó láti dáhùn. Àwọn tí ó lè dáhùn ni àwọn olùwádìí Minnesota, tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ kan láti ìgbà tí a bí wọn ní àárín ọdún 1970 sí 1979. Ní 2007, Simpson pẹ̀lú W. Andrew Collins àti àwọn mìíràn gbé àkọsílẹ̀ ènìyàn 78 jáde. Wọ́n ti ṣe ìdánwò Ainsworth fún wọn ní oṣù kejìlá. Nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì kìíní sí ìkẹta, àwọn olùkọ́ wọn sọ bí wọ́n ti mọ bá ẹgbẹ́ wọn lò tó. Ní ọmọ ọdún 16, wọ́n béèrè nípa ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ wọn. Láàárín ọdún 20 sí 23, wọ́n ní kí àwọn àti olólùfẹ́ wọn jókòó kí wọ́n jíròrò ìjà kan tí kò tíì parí, wọ́n sì wo bí inú wọn ti ń rí.

Okùn náà kò já láti oṣù kejìlá dé ọdún 20, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìnà kan ṣoṣo ni ó nà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ọmọ ọwọ́ mú kí ó mọ ẹgbẹ́ bá lò ní ilé ìwé. Èyí mú kí ó ní ọ̀rẹ́ tí ó lè finú hàn ní ọdún 16. Irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó wá hàn nínú bí ó ṣe ń bá olólùfẹ́ jà láìbínú kọjá ààlà. Ní ìdí kọ̀ọ̀kan, okùn náà lè lọ́ sápá ibòmíràn. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ìdí kejì nínú okùn náà wà nínú kíláàsì, olùkọ́ kíláàsì kìíní sì ni ó kọ ọ́ sílẹ̀. N kò tíì kọ́ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan rí.

Ní 2011, Jessica Salvatore àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ènìyàn Minnesota náà lọ́nà mìíràn. Lẹ́yìn tí àwọn olólùfẹ́ bá ti jíròrò ìjà wọn tán, wọ́n ní kí wọ́n fi ìṣẹ́jú díẹ̀ sọ ohun tí ẹnu wọn kò lórí. Àwọn kan bọ́ sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn kan kò lè fi ìjà náà sílẹ̀. Wọ́n tún fà á padà, tàbí wọ́n kàn dákẹ́ síra wọn. Àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ ní ọmọ ọwọ́ ni ó tètè bọ́ kúrò nínú rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni èyí: ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ní ọmọ ọwọ́, bí ó bá bá ẹni tí ó mọ ìjà í fi sílẹ̀ pàdé, ó ṣeé ṣe fún wọn jù láti ṣì wà papọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì. Ìbàjẹ́ kékeré kò tíì di àyànmọ́. Ẹnìkejì lè tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọmọ Kabawa náà

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí tán, mo pe akẹ́kọ̀ọ́ náà. Mo sọ fún un pé ohun tí mo kọ́ wọn kò pé. Mo ní kí ó má béèrè lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ẹni tí ó tọ́ ọ, kí ó béèrè ohun mẹ́ta: nígbà tí ẹ̀rù bá bà á ní kékeré, ta ni ó ń sá tọ̀? Kí ni ẹni náà máa ń ṣe? Títí di ìgbà wo ni ẹni náà wà pẹ̀lú rẹ̀?

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin náà ní ìyá àgbà òun ni òun ń sá tọ̀. Ẹni náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn máa ń fi ìgbátí ìró rẹ̀ bò òun ni títí ẹkún á fi dá. Inú yàrá rẹ̀ ni òun ń sùn. Ìyá àgbà náà kú nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, wọ́n sì kó òun padà sọ́dọ̀ ìyá òun, níbi tí àbúrò mẹ́rin ti wà tí kò sí ẹni tí ó bi òun léèrè bóyá òun ń sunkún. Ìgbà náà ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí etí odò.

Bí a bá fi ìmọ̀ yìí wò ó, ìyá àgbà kọ́ ni ó ṣe é níbi. Òun gan-an ni ibi ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ikú rẹ̀ ni, àti ìdákẹ́jẹ́ tí ó tẹ̀ lé e. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè nǹkan kan sí i. Mo ní, "Bí ó bá ti etí odò dé, kí ló máa ń ṣe?"

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ó máa ń ra ẹja bọ̀, mà. Á gbé e kalẹ̀ níwájú mi, á wá jókòó. Èmi ni mi ò kì í dá a lóhùn."

"Kí ni ìwọ ń ṣe?"

"Mo máa ń ṣì máa bínú ni. Mo máa ń bi í pé kí ló dé tó fi lọ."

Mo ní kí ó lọ gbìyànjú bóyá ó lè gba ẹja náà kí ó tó béèrè.